Ohun Tí Wọ́n Kọ Sẹ́yìn Rìsíìtì

Ní páàkì Kàbà, fífi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó kì í gba àkókò. Akọ̀wé á béèrè ohun tó wà nínú ẹrù náà, á dárúkọ owó, á kọ orúkọ àti nọ́mbà fóònù ẹni tó máa gbà á sára rẹ̀, á gba owó, lẹ́yìn náà ló máa tó ya rìsíìtì. Iye owó àti ọjọ́ ló wà níwájú rìsíìtì yìí. Bí ẹ bá yí i padà, ẹ máa rí lẹ́tà wínníwínní lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó sábà máa ń sọ nǹkan méjì: pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò ní dáhùn fún ẹrù tó bá sọnù tàbí tó bá bàjẹ́, ohun yòówù kó fà á, àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ máa san nǹkan kan, kò ní ju ìlọ́po mẹ́wàá owó tí ẹlẹ́rù san lọ.

Gbólóhùn kìíní ni mo máa pè ní gbólóhùn ìyọwọ́, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ ń yọ ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò nínú gbèsè pátápátá. Èkejì ni gbólóhùn gbèdéke: ó gbà pé òun lè jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ó ti fi ààlà sí i ṣáájú. Àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ìwé àdéhùn tí ilé iṣẹ́ ti tẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo oníbàárà, yálà ti báńkì ni o, ti alágbàfọ̀ ni o, ti olùtajà irúgbìn ni o. Oníbàárà kì í bá wọn kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀. Kó gbà á tàbí kó fi í sílẹ̀, ìyẹn nìkan ló kù fún un.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí wọ́n bá ti lè kọ ọ́ sínú ìwé, ẹjọ́ ti tán. Èrò yìí ti ná àwọn ènìyàn lówó púpọ̀, kò sì tọ̀nà. Adájọ́ máa kọ́kọ́ béèrè bóyá gbólóhùn náà tilẹ̀ wọ inú àdéhùn. Bí ó bá wọ̀ ọ́, ó máa béèrè bóyá ohun tó sọ kan ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá kàn án, ó ṣì ku kí òfin gbà pé ó bá ẹ̀tọ́ mu. Ibi tí gbólóhùn náà bá ti kọsẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti pin.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ wa. Ká ní obìnrin kan ní Kàbà fẹ́ fi aṣọ ipò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Ékòó, aṣọ pupa tí àwọn obìnrin Búnú hun, tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àgbà. Ti ìdílé ni, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, a ó sì fojú bù ú sí ₦400,000. Ó san ₦5,000. Akọ̀wé ní, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀la ni wọ́n máa gbà á,” ó sì ya rìsíìtì fún un. Àwọn ọmọ páàkì so aṣọ náà mọ́ orí bọ́ọ̀sì, wọn kò fi tapólì bò ó, bẹ́ẹ̀ òjò ti ṣú. Kí ọkọ̀ tó gba Ìyàmọyè dé Òmùò, òjò ti rọ̀ wọ inú ẹrù. Àwọ̀ pupa ti ṣàn, aṣọ náà kò ṣe é lò mọ́. Nígbà tí obìnrin yìí padà wá béèrè, wọ́n ní kó yí rìsíìtì rẹ̀ padà kó kà á.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ dá lórí àkókò. Ìgbà wo ni wọ́n fún un ní rìsíìtì náà? Lẹ́yìn tó ti sanwó, tí wọ́n sì ti gba ẹrù. Àdéhùn ti dé ìparí nígbà yẹn: wọ́n ti dárúkọ owó, ó ti gbà, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan kò lè fi ọ̀rọ̀ tuntun kún àdéhùn tó ti parí láìjẹ́ pé ẹnì kejì fọwọ́ sí i. Ìlànà yìí hàn kedere nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, láàárín Olley àti ilé ìtura Marlborough Court. Tọkọtaya kan sanwó níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, wọ́n gòkè lọ sí yàrá, wọ́n wá rí i lára ògiri yàrá pé ilé ìtura kò ní dáhùn fún ohun tó bá sọnù. Olè jí aṣọ olówó iyebíye obìnrin náà. Ilé ẹjọ́ sọ pé ìkìlọ̀ inú yàrá ti pẹ́ jù, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti parí àdéhùn. Àwọn adájọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀ lé irú ìlànà báyìí, nítorí pé inú òfin àdéhùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa ti jáde.

Bí ìwé náà ṣe jẹ́ tún ṣe pàtàkì. Ní 1940, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Chapelton yá àga ìrọ̀gbọ̀kú létí òkun, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó fi sápò. Nígbà tí àga náà já tó sì pa á lára, àwọn tó ni àga na ọwọ́ sí ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì. Wọn kò rí ibi dúró sí. Ilé ẹjọ́ ní ohun tí ènìyàn ń gbà láti fi hàn pé òun ti sanwó ni, kò sí ẹni tó máa rò pé ibẹ̀ ni òfin àdéhùn wà. Ó ṣòro fún mi láti rí bí rìsíìtì páàkì wa ṣe yàtọ̀ sí èyí.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè sọ pé àwọn ní pátákó kan lára ògiri lẹ́yìn akọ̀wé, tó sọ pé ewu ẹrù wà lọ́rùn ẹlẹ́rù, àti pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rìsíìtì de ẹlẹ́rù. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le sí i, nítorí pé pátákó náà ti wà níbẹ̀ kí obìnrin náà tó sanwó. Láti ìgbà ẹjọ́ Parker àti ilé iṣẹ́ rélùwéè kan ní 1877 ni òfin ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kì í ṣe dandan kí oníbàárà ka ìkìlọ̀. Ohun tí adájọ́ ń wò ni bóyá ilé iṣẹ́ ṣe ohun tó tó láti jẹ́ kó mọ̀. Parker fi àpò rẹ̀, tí owó rẹ̀ lé ní pọ́n-ùn 24, pamọ́ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún un sì sọ pé àwọn kò ní san ju pọ́n-ùn 10 lọ. Nítorí náà, ẹ lọ wo pátákó náà dáadáa. Ṣé ó hàn sí ẹni tó dúró síwájú tábìlì akọ̀wé? Ṣé kàlẹ́ńdà àti fọ́tò olóṣèlú kò ti bò ó mọ́lẹ̀? Ṣé lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó? Bí ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ bá ṣe le tó lórí oníbàárà ni ó ṣe yẹ kí ó hàn tó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹrù rẹ̀ bá jẹ lógún, tí ó sì ní fóònù lọ́wọ́, kó ya fọ́tò pátákó náà ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí pé pátákó máa ń hàn sí i lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Àìmọ̀wé nìkan kì í gba ènìyàn sílẹ̀ nínú òfin àtijọ́. Ní 1930, obìnrin kan tí kò lè kàwé pàdánù ẹjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rélùwéè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé wọ́n gbà pé ìkìlọ̀ tó wà fún gbogbo ènìyàn tó. Mo ka ìdájọ́ yẹn sí ìdájọ́ tó le jù, inú mi sì dùn pé òfin tuntun wa, tí mo máa dé orí rẹ̀, ti yà kúrò lọ́nà yẹn.

Lẹ́yìn ìkìlọ̀, ọ̀nà kejì tí gbólóhùn lè gbà wọlé ni àṣà. Oníṣòwò tó ń fi gààrí ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti Kàbà, tó sì ti ń gba rìsíìtì kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Adájọ́ lè sọ pé ó ti di ara ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ara wọn lò. Àmọ́ àṣà náà gbọ́dọ̀ dúró lójú kan. Ẹjọ́ McCutcheon ní Skọ́tlándì ní 1964 ló jẹ́ kí èyí ṣe kedere: ọkọ̀ ojú omi rì pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì máa ń ní kí ènìyàn fọwọ́ síwèé nígbà mìíràn, nígbà mìíràn wọn kì í béèrè. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rì, wọn kò béèrè. Ilé iṣẹ́ náà pàdánù. Obìnrin tiwa, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi aṣọ ránṣẹ́, kò sí àṣà kankan láàárín òun àti páàkì.

Ìfọwọ́síwèé ni ọ̀nà kẹta, òun ló sì le jù. Ẹni tó bá fọwọ́ síwèé àdéhùn ti gba gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, yálà ó kà á tàbí kò kà á. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ L'Estrange ló fi ojú rí èyí ní 1934, nígbà tó ra ẹ̀rọ tí ń ta sìgá, tí ẹ̀rọ náà kò sì ṣiṣẹ́. Lẹ́tà inú ìwé náà kéré gan-an, ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ti ṣì yín lọ́nà nípa ohun tó wà nínú rẹ̀, ìfọwọ́síwèé lè tú. Ní 1951, obìnrin kan gbé aṣọ ìgbéyàwó lọ fún alágbàfọ̀, wọ́n ní kó fọwọ́ síwèé kan. Ó béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní nítorí ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun dídán tó wà lára aṣọ náà ni. Ìwé náà gan-an sọ pé àwọn kò ní dáhùn fún ìbàjẹ́ èyíkéyìí. Aṣọ náà padà wá pẹ̀lú àbàwọ́n, ilé ẹjọ́ sì ní alágbàfọ̀ kò lè lo ìwé náà, nítorí pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti sọ fún oníbàárà pé díẹ̀ ni ó kó sínú. Ìbéèrè kékeré tí obìnrin yẹn bi òṣìṣẹ́ ló gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ síwèé, ẹ bi ẹni tó gbé e wá pé kí ló sọ, kí ẹ sì rántí ohun tó fi dá yín lóhùn.

Ká sọ pé gbólóhùn páàkì ti wọlé, bóyá nítorí pátákó. Ó kan kí a ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ní ìtumọ̀ méjì, èyí tí kò ṣe ẹni tó kọ ọ́ láǹfààní ni adájọ́ máa mú, nítorí pé òun ló ní àǹfààní láti kọ ọ́ kó yé. Bí ilé iṣẹ́ bá sì fẹ́ yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àìbìkítà òṣìṣẹ́ ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere. “Ewu ẹrù wà lọ́rùn ẹlẹ́rù” lè túmọ̀ sí ewu ojú ọ̀nà, bí àwọn adigunjalè tàbí ìjàǹbá tí kò sí ẹni tó lè dá dúró. Kì í ṣe dandan kí ó túmọ̀ sí pé wọ́n lè fi aṣọ sínú òjò láìbò ó. Ṣùgbọ́n “ohun yòówù kó fà á”, tó wà lẹ́yìn rìsíìtì, gbòòrò ju ìyẹn lọ, ó sì lè kó àìbìkítà mọ́ra. Àwọn adájọ́ kì í sì fi ojú líle wo gbólóhùn gbèdéke tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó ní òun máa san díẹ̀ kò tíì kọ̀ láti san.

Ibi kan wà tí ilé ẹjọ́ wa ti dúró gírígírí. Ní 1963, nígbà tí Kàbà ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Àríwá, Ilé Ẹjọ́ Gíga ẹkùn náà gbọ́ ẹjọ́ Ogwu àti Leventis Motors. Ogwu fẹ́ ra lọ́rì lọ́nà ìsanwó-díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé fún un kì í ṣe èyí tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ó ti gbó jù ú lọ. Ìwé àdéhùn ní gbólóhùn ìyọwọ́ nípa bí ọkọ̀ ṣe rí. Ilé ẹjọ́ kò jẹ́ kí wọ́n fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò fún ènìyàn ní ohun tí wọ́n ṣàdéhùn rẹ̀ kò lè di àdéhùn náà mú gẹ́gẹ́ bí apata. Lórí ẹrù tiwa, èyí túmọ̀ sí pé bí dírẹ́bà bá ta aṣọ náà lójú ọ̀nà, tàbí tó gbé e fún àjèjì láìbéèrè nọ́mbà fóònù tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Aṣọ tí òjò pa kò tíì dé ibẹ̀: wọ́n gbé e dé Èkó lóòótọ́, wọ́n kàn tọ́jú rẹ̀ lọ́nà tó burú ni.

Nínú òfin àtijọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Bí gbólóhùn bá ti wọlé, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì kan ohun tó ṣẹlẹ̀, adájọ́ kò ní agbára láti sọ pé kò bá ẹ̀tọ́ mu. Kódà, òfin ọjà títà ti 1893, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá, gba olùtajà láyè láti fi àdéhùn pa ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà rẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ yí i padà, pẹ̀lú òfin 1973 àti ti 1977 tó ní kí adájọ́ máa wo bóyá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mọ́gbọ́n dání.

Lórí bí wọ́n ṣe ń wò ó, ẹjọ́ tó kọ́ mi jù ni ti àgbẹ̀ George Mitchell àti Finney Lock Seeds, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ parí ní 1983. Àgbẹ̀ tó bá ka èyí, ní Kàbà tàbí ní Ìjùmú, máa mọ ìrora rẹ̀. Wọ́n ra irúgbìn kábéèjì ní bíi pọ́n-ùn 200, wọ́n gbìn ín sórí ilẹ̀ éékà 63. Ewé hù, kò sí ọkàn kábéèjì nínú rẹ̀, nítorí pé irúgbìn mìíràn ni wọ́n tà fún wọn. Àdánù wọn lé ní pọ́n-ùn 61,000. Ìwé olùtajà ní òun kò ní ṣe ju pé kí òun dá owó irúgbìn padà tàbí kí òun fún wọn ní òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà wọlé, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì fara sin. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ ní kò mọ́gbọ́n dání. Wọ́n wo pé àwọn olùtajà irúgbìn fúnra wọn sábà máa ń bá àgbẹ̀ jókòó san nǹkan nígbà tí ẹjọ́ bá jẹ́ òtítọ́, èyí tó fi hàn pé àwọn gan-an kò ka gbólóhùn náà sí ohun tó tọ́. Wọ́n wo pé àìbìkítà ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ wọn ló fa àṣìṣe náà. Wọ́n tún wo pé olùtajà lè ra ìnṣọ́ránsì láìjẹ́ pé iye irúgbìn gbówó lórí ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo rí bí ọkàn ọ̀rọ̀ náà: ta ló wà ní ipò láti mọ ewu, kó sì pín in káàkiri pẹ̀lú owó kékeré?

Nàìjíríà náà ti dé ibẹ̀ báyìí. Òfin Ìdíje Òwò àti Ààbò Oníbàárà ti 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, ló gbé àjọ tí a mọ̀ sí FCCPC kalẹ̀. Abala 127 rẹ̀ kọ àdéhùn tó bá ṣègbè jù fún ilé iṣẹ́ tàbí tó bá le jù lórí oníbàárà. Abala 128 ní kí gbólóhùn tó ń dín gbèsè ilé iṣẹ́ kù hàn gbangba sí oníbàárà kí ó tó wọnú àdéhùn tàbí kí ó tó sanwó. Abala 129 kò sì gbà kí ilé iṣẹ́ fi àdéhùn yọ ara rẹ̀ nínú àdánù tí àìbìkítà rẹ̀ tó burú jáì bá fà. Òfin náà tún ní kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ fún oníbàárà jẹ́ èyí tó lè yé e.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí aṣọ ipò náà, ká wo iye tó lè bọ́ sí obìnrin yìí lọ́wọ́. Bí rìsíìtì bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ ní, gbólóhùn méjèèjì kò wọlé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ₦400,000 dúró, bí ó bá ti lè fi ẹ̀rí iye aṣọ hàn. Bí pátákó bá gbé wọn wọlé, ó máa jà pé fífi aṣọ sójú òjò láìbò ó jẹ́ àìbìkítà tó burú jáì, nítorí pé òjò ti ṣú kí ọkọ̀ tó gbéra, tapólì sì máa ń wà lórí ọkọ̀. Gbólóhùn ìyọwọ́ ṣòro fún ilé iṣẹ́ láti dáàbò bò níbẹ̀. Gbèdéke ₦50,000 ni ìjà tòótọ́, n kò sì ní sọ pé ó dájú pé ó máa ṣubú. Ilé iṣẹ́ máa béèrè pé, “Ìgbà tó san ₦5,000, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ₦400,000 la gbé?” Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Bí obìnrin náà bá sọ fún akọ̀wé pé aṣọ lásán ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á rọ̀. Bí ó bá sọ pé aṣọ ipò ìdílé ni, tí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á le.

Ìbéèrè nípa iye ẹrù yìí náà ló fi ọ̀nà hàn fún páàkì tó bá fẹ́ kí gbólóhùn rẹ̀ dúró. Kí wọ́n gbé pátákó síwájú tábìlì, lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú owó méjì lórí rẹ̀: ₦5,000 fún ẹrù tí wọn kò ní san ju ₦50,000 lé lórí, àti owó tó ga díẹ̀ fún ẹni tó bá sọ iye ẹrù rẹ̀, tí wọ́n á sì fi àfikún náà ra ìnṣọ́ránsì. Kí akọ̀wé béèrè èwo ni oníbàárà fẹ́ kó tó gba owó, kó sì jẹ́ kó fọwọ́ sí èyí tó bá mú. Oníbàárà tó bá mú owó kékeré lẹ́yìn ìyẹn ti mọ ohun tó rà, ó sì máa ṣòro fún adájọ́ láti sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.